Íméèlì oníbàárà tó ń bínú: ta ni ká gbé e fún kó túmọ̀ rẹ̀, ta ni yóò bá wa dáhùn?

Ní ọjà Wàǹdó níbí ní Àjàṣẹ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó ní bùtíìkì ni kì í ka Faransé kọjá fàktúù. Wọ́n á sọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n á fi bá ará Kútọnu náà ọjà títí tí wọn yóò fi gbà. Ṣùgbọ́n kí Faransé dé lórí ìwé, kí ìbínú sì wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Tántí mi tó ń ta aṣọ rí irú rẹ̀ gbà lọ́dọ̀ oníbàárà kan tó ń gbé ní Faransé, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n sì gbé e gbà kí ó tó bọ́ sí i. Èmi ni mo ń bá wọn kiri. Ohun tí mo rí lọ́nà kọ̀ọ̀kan ni mo fẹ́ fi wéra wọn.

Lẹ́tà náà kò gùn. Bó ṣe wà lójú fóònù nìyí, mo kàn yọ orúkọ kúrò:

> Madame, c'est inadmissible. J'ai commandé douze pagnes bordeaux, j'en ai reçu sept bordeaux et cinq rouge vif, deux jours avant le mariage de ma sœur. Vous vous moquez de moi. Je refuse tout avoir : j'exige le remboursement des cinq pagnes et des frais de port sous huitaine. À défaut, je saisirai qui de droit. Je vous prie d'agréer, Madame, mes salutations distinguées.

Òótọ́ ni obìnrin náà ń sọ. Alẹ́ ni tántí mi di ẹrù yẹn, lábẹ́ gílóòbù kan ṣoṣo, àwọn aṣọ pupa méjèèjì sì wà lórí pẹpẹ kan náà. Ọ̀kan pupa dúdú bíi wáìnì, èkejì pupa fòò. Lójú iná yẹn, ẹ ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

## Ohun tí a fi ń wọ̀n wọ́n

Iṣẹ́ méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ènìyàn sì máa ń pa wọ́n pọ̀ mọ́ra. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ gbọ́ ohun tí lẹ́tà náà wí. Èkejì ni kí ẹ dá a lóhùn ní èdè ẹni tó kọ ọ́. Ẹni tó mọ ọ̀kan ṣe lè má mọ èkejì.

Fún ti àkọ́kọ́, ohun tí mo ń wò ni bóyá ẹni náà yóò sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí. Kò gbọdọ̀ fi omi là á torí pé ó ń bọ̀wọ̀ fún yín, kò sì gbọdọ̀ fi ata kún un torí pé ó ń bá yín bínú. Ó tún gbọ́dọ̀ mọ Faransé ìṣòwò, nítorí àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n túmọ̀ sí nílé ìwé kọ́ ni wọ́n túmọ̀ sí lórí fàktúù.

Fún ti èkejì, ṣé ó lè kọ Faransé tí kì í ṣe Yorùbá tí wọ́n pa láṣọ dà? Ṣé kò ní ṣèlérí tí ẹ ò rán an? Lẹ́yìn náà ni àṣírí, owó àti àkókò. Àkókò ṣe pàtàkì nínú lẹ́tà yìí gan-an, nítorí pé *sous huitaine* wà níbẹ̀. Gbèdéke ni.

## Ọmọ ilé tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì

Ibẹ̀ ni gbogbo ayé ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni tántí mi ti bẹ̀rẹ̀. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀, kò sì gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọmọkùnrin wọn dúró nídìí pẹpẹ, ó ń kà á, ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá.

Ó mọ ìdajì àkọ́kọ́ dáadáa: aṣọ méjìlá, méje tó pé, márùn-ún tí kò pé, ìgbéyàwó. Nígbà tó dé *Vous vous moquez de moi*, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó ní inú òun kò dùn." Irọ́ kọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí obìnrin náà sọ. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́." Ojú ń ti ọmọ náà láti sọ ọ́ sí ìyá rẹ̀ létí. Ó yé mi. Àmọ́ ẹni tí kò bá mọ bí iná náà ṣe ga tó yóò gbé omi kékeré wá.

Ibi tó bà jẹ́ sí ni *Je refuse tout avoir*. Ọmọ náà mọ̀ pé *avoir* ni "láti ní", bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní kíláàsì. Nítorí náà ó ní, "Ó ní òun ò fẹ́ ní nǹkan kan mọ́." Tántí mi mí kanlẹ̀. Wọ́n rò pé obìnrin náà ti yọ̀ǹda ọ̀rọ̀ náà! Bẹ́ẹ̀ lẹ́nu oníṣòwò, *un avoir* ni ìwé tí ẹ ń kọ fún oníbàárà pé owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, kó padà wá fi ra ọjà mìíràn. Ohun tí obìnrin náà ń sọ ni pé òun kò gba ìwé, òun kò gba ọjà dípò, owó lòun ń fẹ́. Òdìkejì pátápátá ni tántí mi gbọ́.

*Je saisirai qui de droit* tún di ìran mìíràn. *Saisir* ni kí a gbá nǹkan mú, *droit* sì ni ọwọ́ ọ̀tún lójú tirẹ̀. Ó rò ó lọ rò ó bọ̀, ó ní obìnrin náà yóò wá mú ẹni tó wà lápá ọ̀tún. A rẹ́rìn-ín títí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé yóò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn tó láṣẹ lórí rẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni; èyí lè túmọ̀ sí pé kò tíì pinnu ibi tó ń lọ.

Ọmọ ilé dára fún kí ẹ mọ̀ ohun tí lẹ́tà kan dá lé: ṣé ìbéèrè ni, ṣé ẹjọ́ ni, ṣé owó ló fẹ́ san. Ẹ má fi ṣe ìpìlẹ̀ ìpinnu. Ẹ má sì jẹ́ kó dáhùn, nítorí Faransé tó ń kọ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù ni yóò kọ.

## Ẹ̀rọ ìtúmọ̀ orí fóònù

Google Translate ti ní Yorùbá láti oṣù Kejìlá ọdún 2013. Ó ń ṣiṣẹ́ lóru, kì í tan ọ̀rọ̀ yín kálẹ̀ láàárín ọjà, kì í sì tijú. Ó sọ *Vous vous moquez de moi* lójú ẹsẹ̀ bó ṣe rí. Nínú kíkà, ó sàn ju ọmọ náà lọ ní ibi ìtìjú, ṣùgbọ́n *avoir* àti *qui de droit* kò yé òun náà.

Nínú ìdáhùn ni ewu ẹ̀rọ yìí wà. Tántí mi ní kí n bá wọn tẹ ọ̀rọ̀ yìí sí i: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ ní sùúrù, a máa ṣe é." Ohun tó gbé jáde ní Faransé kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti mọ̀: *S'il vous plaît, ne soyez pas en colère, soyez patient, nous le ferons.*

Ẹ wò ó dáadáa. Lọ́dọ̀ wa, "ẹ má bínú" ni ìtọrọ àforíjì gan-an. Ẹni tó bá sọ ọ́ ti gbà pé òun jẹ̀bi, ó ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu. Lójú Faransé, àṣẹ ni: ẹ ń sọ fún ẹni tí ẹ ṣẹ̀ pé kó má bínú. Ẹ tún wá sọ fún un pé kó ní sùúrù, ẹni tí ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ti kọjá! Gbólóhùn tó yẹ kó pa iná náà ló máa da epo sí i. Àti pé *patient* tó kọ, ọkùnrin ni wọ́n ń kọ ọ́ sí bẹ́ẹ̀. Obìnrin ló kọ lẹ́tà.

Kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ló ń ṣe àṣìṣe yìí. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ronú ní Yorùbá tó ń kọ Faransé lè ṣe é, bó ti wù kó kàwé tó. Ohun tí Faransé ń sọ níbẹ̀ ni *je vous présente mes excuses*, tí wọ́n á sì dárúkọ ohun tí wọ́n ń tọrọ àforíjì lé lórí.

Àmì ohùn náà tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá tẹ "owo" láìfi àmì sí i, báwo ni ẹ̀rọ yóò ṣe mọ̀ bóyá owó ni, tàbí òwò, tàbí ọwọ́? "A ó dá owó yín padà" lè di ọ̀rọ̀ apá àti ọwọ́. Bí ẹ bá fẹ́ lo ẹ̀rọ yìí, ẹ lò ó láti fi ka lẹ́tà, ẹ tẹ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì kọ gbogbo èyí tí kò bá mọ́gbọ́n dání sílẹ̀ kí ẹ fi béèrè lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹ má fi ohun tó bá kọ ránṣẹ́.

## Ilé ìtẹ̀wé, sekretéríà

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé lẹ́tà lọ. Akọ̀wé ibẹ̀ jókòó nídìí kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ ìwé ìbéèrè iṣẹ́, ìwé ilé ẹjọ́, ìwé ilé yíyá. 700 farànkì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ tántí mi fún kíkà, títẹ̀ àti fífi ránṣẹ́. Kò wọ́n. Ó sì mọ ohun tí *avoir* jẹ́, ó mọ *sous huitaine*, ó túmọ̀ lẹ́tà náà láìfi omi là á. Nínú kíkà, mi ò rí ẹ̀sùn kankan kà sí i lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n kò béèrè ohun tí tántí mi fẹ́ sọ. Ó ṣí ìwé kan tó ti wà nínú kọ̀ǹpútà, ó yí orúkọ padà. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: *J'ai l'honneur de venir très respectueusement auprès de votre haute bienveillance…* Ẹni tó bá ti kọ̀wé sí ìjọba rí mọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí a ṣe ń kọ̀wé sí pẹrẹfẹ́ nìyẹn. Oníbàárà tí ẹ fi aṣọ pupa fòò ránṣẹ́ sí yóò kà á bíi yẹ̀yẹ́ kejì.

Èyí kò tilẹ̀ tó èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀: *Nous reconnaissons tous les préjudices subis.* Akọ̀wé náà rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n *préjudice* jẹ́ ọ̀rọ̀ òfin. Òun ni gbogbo ìpalára tí ẹnì kan lè tìtorí rẹ̀ béèrè owó ìtánràn. Nípa gbólóhùn yẹn, tántí mi ti fọwọ́ sí i pé àwọn gba ohunkóhun tí obìnrin náà bá ní ó ṣẹlẹ̀ sí òun: aṣọ, ìtìjú níbi ìgbéyàwó, owó tó fi sáré ra òmíràn. Ẹ̀bi aṣọ márùn-ún ni wọ́n jẹ. Ìyẹn nìkan ló yẹ kí wọ́n gbà.

Ẹ̀mí mi sọ fún mi pé ká má fi ránṣẹ́. A gbé e fún ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oògùn ládùúgbò, tí kò gbọ́ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà, a ní kó sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún wa ní Yorùbá. Ó kà á títí, ó wò wá lójú, ó ní, "Ta ló ń wá iṣẹ́ nínú yín?"

Ìdánwò yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ, ọ̀nà yòówù kí ẹ yàn. Ẹ fún ẹni tí kò mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ ní èsì Faransé náà, kó padà sọ ọ́ fún yín ní Yorùbá. Bí ohun tó bá sọ kò bá jọ ohun tó wà lọ́kàn yín, ìwé náà kò tíì tó fi ránṣẹ́.

Nǹkan méjì mìíràn nípa sekretéríà. Gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà lẹ́yìn yín ń wo ojú kọ̀ǹpútà náà, ìwé yín sì máa wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá lọ tán. Ẹ ní kó pa á rẹ́ níṣojú yín. Ẹ má sì jẹ́ kó fi àdírẹ́ẹ̀sì íméèlì tirẹ̀ ránṣẹ́. Èsì oníbàárà yóò padà sọ́dọ̀ rẹ̀, ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó gbọ́.

## Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì

Nígbẹ̀yìn, a gbé e lọ bá mẹ́tìrì kan tó kọ́ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ Kétu ni, Yorùbá rẹ̀ jinlẹ̀ ju tèmi lọ. Wọ́n ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n wo tántí mi, wọ́n ní, "Mélòó lẹ fẹ́ san?"

Ẹni àkọ́kọ́ tó béèrè nìyẹn.

Wọ́n wá mú lẹ́tà náà gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn. Wọ́n sọ ti yẹ̀yẹ́ náà gbangba, tántí mi sì dijú. Wọ́n ní *sous huitaine* kò ṣàjèjì sí wa: bí àwa náà bá ní "ọjọ́ mẹ́jọ òní", a máa ń ka òní mọ́ ọn, tó fi jẹ́ pé bí òní bá jẹ́ Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ la ní lọ́kàn. Lẹ́tà náà dé ní Ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ kẹta la wà.

Tántí mi nawọ́ sí ìlà tó kẹ́yìn. Wọ́n ní ọmọ àwọn sọ fún àwọn pé obìnrin náà kí àwọn, ó ní òun bọ̀wọ̀ fún àwọn, nítorí náà ó dájú pé ọkàn rẹ̀ ti rọ̀. Mẹ́tìrì rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní *mes salutations distinguées* kò ní ìfẹ́ nínú, kò sì ní ìkórìíra. Bí ìlẹ̀kùn tí a ń tì nígbà tí a bá ń jáde ni. Agbẹjọ́rò tó fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ yín yóò fi parí ìwé rẹ̀.

Ìṣirò ló kàn. 9,000 farànkì ni aṣọ kan, márùn-ún di 45,000. Owó ìfiránṣẹ́ gbogbo ẹrù náà jẹ́ 36,000. Obìnrin náà ń béèrè gbogbo rẹ̀, èyí tó di 81,000. Mẹ́tìrì ní aṣọ méje tó pé náà gun ọkọ̀ òfurufú kan náà, ó yẹ kó ru ẹrù tirẹ̀. Ìpín aṣọ márùn-ún nínú méjìlá jẹ́ 15,000. Àpapọ̀ rẹ̀ di 60,000. Wọ́n ní ká kọ iye rẹ̀ ní yúrò pẹ̀lú, kí obìnrin náà má baà jókòó máa ṣírò pẹ̀lú ìbínú: 655.957 farànkì ni yúrò kan, kì í yí padà, nítorí náà ó jẹ́ 91.47.

Ti aṣọ márùn-ún tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Tántí mi fẹ́ kó dá wọn padà. A ṣírò ohun tí yóò ná, a sì rí i pé owó ìdápadà yóò sún mọ́ owó aṣọ, ó sì tún máa di àríyànjiyàn tuntun nípa ẹni tí yóò san án. Wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Ó dùn wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n fi sílẹ̀.

Èsì tí mẹ́tìrì kọ nìyí:

> Madame,
> Vous avez reçu cinq pagnes rouge vif au lieu de cinq bordeaux, deux jours avant le mariage de votre sœur. L'erreur vient de ma boutique et je vous en présente mes excuses.
> Je vous rembourse les cinq pagnes (45 000 F) et leur part des frais de port (15 000 F), soit 60 000 F CFA, ou 91,47 €, avant vendredi soir. Vous n'avez rien à me renvoyer.
> Merci de m'indiquer le moyen de paiement qui vous convient.
> Veuillez agréer, Madame, mes salutations distinguées.

Ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Kò kí obìnrin náà kú ìnáwó, kò pè é ní *ma chère sœur* bí a ti máa ń pe oníbàárà níbí. Tántí mi ní ó le jù, pé a kì í ko ọ̀rọ̀ lójú ènìyàn bẹ́ẹ̀ láìkí i. Mẹ́tìrì ní lójú ẹni tó ń bínú ní Faransé, ìkíni gígùn dà bí ẹni tó ń wá ọ̀nà sá. Ohun tó ń pẹ̀tù sí i lọ́kàn ni kó rí i pé ẹ gbọ́ ọ: márùn-ún, pupa fòò, ọjọ́ méjì, ìgbéyàwó àbúrò. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an padà fún un ní ìlà àkọ́kọ́.

"L'erreur vient de ma boutique" gba ẹ̀bi aṣọ, kò gba ti ìgbéyàwó. *Je vous rembourse*, kì í ṣe "a máa wò ó" tàbí "a máa gbìyànjú". Ọjọ́ tó dá sì ṣáájú gbèdéke obìnrin náà.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe aláìlábùkù o. Ọjọ́ méjì ni a fi ń wá mẹ́tìrì kí a tó rí wọn, wọ́n wà lóko. Àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ tún ní *Sachez, Madame, que…* nínú, èyí tí mo ní kí wọ́n yọ. "Ẹ mọ̀ pé…" ni, bí ẹni tó ń bá ọmọ kíláàsì wí. Olùkọ́ àtijọ́ ni wọ́n, ẹgba kì í tètè bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọn ò gba owó, ṣùgbọ́n tántí mi kò lọ lọ́wọ́ òfo: aṣọ ọ̀pá méjì ni wọ́n fún ìyàwó wọn, èyí tó ju 700 farànkì lọ dáadáa. Bí ẹ bá sọ pé ọ̀fẹ́ ni olùkọ́, ẹ kò tíì ṣírò tán.

A tún gbé èsì náà lọ bá ọmọbìnrin ilé ìtajà oògùn. Ó ní, "Ó ní ẹ̀bi òun ni. Ó máa san 60,000 kó tó di alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, kí obìnrin náà má dá aṣọ padà, kó kàn sọ ibi tó fẹ́ gba owó." Ó pé. A fi ránṣẹ́ láti inú fóònù tántí mi.

Ọjọ́ kejì ni èsì dé. Ó fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́, ó sì béèrè 21,000 tó kù lórí owó ìfiránṣẹ́. Mẹ́tìrì fi ìlà kan dáhùn pé aṣọ méje tó pé ló lo ìyẹn. Kò kọ̀wé mọ́ lẹ́yìn tó gba owó.

## Atúmọ̀ tó ti búra nílé ẹjọ́

Èyí ni mo ní díẹ̀ láti sọ lé lórí, nítorí a kò lò ó. Àwọn kan ní òun nìkan ló dájú. Òǹtẹ̀ rẹ̀ lágbára lóòótọ́, ó sì ń gba owó lórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ẹni tó wà ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ lè ní láti fi owó ọkọ̀ kún un. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: Faransé ni èdè ìjọba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, òun náà ni èdè ilé ẹjọ́. Lẹ́tà Faransé kò nílò òǹtẹ̀ kí adájọ́ tó lè kà á. Ohun tó nílò rẹ̀ ni ìwé tí ẹ̀yin fẹ́ gbé kalẹ̀ tó jẹ́ èdè mìíràn, bíi résì Gẹ̀ẹ́sì ti ẹni tó ta aṣọ náà fún yín ní Èkó. Àti pé atúmọ̀ kì í sọ fún yín ohun tó yẹ kí ẹ dáhùn. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

## Ta ni kó yan èwo?

Bí lẹ́tà bá jẹ́ ti ọjà kékeré, tí owó rẹ̀ kò ju ohun tí ẹ lè dá padà lónìí láìronú, sekretéríà tó yín, kìkì pé kí ẹ sọ fún akọ̀wé kó má ṣí ìwé àtijọ́ kankan. Ẹ sọ iye owó àti ọjọ́ fún un lẹ́nu, kó kọ ìyẹn nìkan ní ìlà mẹ́rin.

Bí owó náà bá tó ohun tí yóò dun yín, tàbí oníbàárà náà bá jẹ́ ẹni tí ẹ ṣì fẹ́ tà fún lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ wá olùkọ́, kódà bí yóò gba ọjọ́ méjì. Ẹni tó wà ní Ṣábẹ̀ ní àǹfààní níbí ju ará Àjàṣẹ́ lọ: ẹni tó kọ́ yín tàbí tó kọ́ ọmọ yín ṣì wà ládùúgbò, ó sì mọ̀ yín.

Ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, kó fi fóònù ka lẹ́tà rẹ̀, kó sì wá ènìyàn kan ṣoṣo tó fọkàn tán fún èsì. Ọmọ ilé wà fún ìgbà tí ẹ kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹjọ́ ni ìwé náà tàbí ìkíni.

Bí ẹ bá rí *mise en demeure* lórí lẹ́tà náà, tàbí orúkọ agbẹjọ́rò, ẹ kúrò lọ́dọ̀ gbogbo àwọn tí mo dárúkọ. Ìkìlọ̀ tó ń ṣáájú ẹjọ́ ni. Agbẹjọ́rò ni ẹ ń lọ bá, kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni kọ ìlà kan padà.

Bí ọjọ́ bá ti ń sún mọ́, tí ẹ kò sì tíì rí ẹni tí yóò kọ èsì, èyí tó wà nísàlẹ̀ yìí ni mẹ́tìrì fún tántí mi kọ sínú ìwé ìṣirò wọn. Kò gba ẹ̀bi, kò ṣe ìlérí owó, ó kàn ń jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ pé ẹnì kan ti ka lẹ́tà rẹ̀. Ọmọ ilé lè dà á kọ láìfi kún un. Ọjọ́ nìkan ni ẹ ó máa yí padà:

> Madame, j'ai bien reçu votre message. Je vous réponds en détail avant mercredi soir.